Bí Ayálégbé Bá Tún Fi Fúláàtì Yín Háyà Láìgbàṣẹ: Ìwé Ìkìlọ̀ àti Àwọn Ìgbésẹ̀ Tó Tẹ̀lé E

Ní Ìjẹ̀bú Òde, Àgọ́ Ìwòyè, Ìlíṣàn àti Ṣàgámù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn òṣìṣẹ́ kì í yé wá yàrá kiri. Nítorí náà, ayálégbé tí iṣẹ́ bá gbé lọ sí Èkó tàbí tí apá rẹ̀ kò bá ká owó ilé mọ́ máa ń rí ẹni tí yóò gba fúláàtì náà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, láìjẹ́ kí onílé gbọ́. Nígbà tí onílé bá sì wá gbọ́, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bí yóò ṣe tètè lé gbogbo wọn jáde. Èmi a máa dá ìbéèrè náà padà pẹ̀lú ìbéèrè mìíràn: láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ̀, ṣé ẹ ti gba owó kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn? Ìdáhùn sí ìyẹn ló máa ń pinnu bí ọ̀nà tó kù yóò ṣe gùn tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀ràn onílé kan ní Ìjẹ̀bú Òde ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá àgbàlagbà ni, ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onífúláàtì mẹ́rin. Ó fi fúláàtì oníyàrá méjì kan háyà fún ọkùnrin kan ní ₦480,000 lọ́dún, ọdún ilé náà ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kíní, ó sì ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ayálégbé náà ti san owó ọdún 2025 pé. Ní oṣù Kẹta, wọ́n gbé e lọ sí Èkó lẹ́nu iṣẹ́, ó sì fi yàrá kọ̀ọ̀kan háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ń lọ sí yunifásítì tó wà ní Ìjàgun, ó gba ₦350,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé owó tí ó gbà ju èyí tí ó san lọ, ìyẹn ló sì máa ń bí onílé nínú jù, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iye owó náà ló sọ ọ́ di àìtọ́ lójú òfin.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ni ìyá wá wo ọ̀rọ̀ omi nínú ọgbà, ó sì bá ọmọbìnrin kan tó ń sá aṣọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ta ni ẹ wá kí?"

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Ibí ni à ń gbé mà. Bùrọ̀dá ló ní ká kó wọlé, a sì ti san owó ọdún kan fún wọn."

Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí pé ọjọ́ tí onílé mọ̀ ni òfin yóò fi máa wo ohun gbogbo tí ó ṣe lẹ́yìn náà.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn yín

Ọ̀pọ̀ onílé gbà gbọ́ pé nígbà tí ilé bá ti jẹ́ tiwọn, ayálégbé kò lè fún ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ohunkóhun lórí rẹ̀, tàbí bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ẹ fi gba ara yín, òfin àtijọ́ tí a jogún gbà pé ayálégbé lè tún ilé náà fi háyà fún ẹlòmíràn fún ìwọ̀nba àkókò tí òun fúnra rẹ̀ ní nínú ilé. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni gbólóhùn tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí gbólóhùn náà kò bá sí, ẹ má ṣe kọ ìwé tó ń fi ẹ̀sùn rírú àdéhùn kan ayálégbé, nítorí pé kò sí àdéhùn tí ó rú. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fún un ní nótíìsì kúrò-nílé lásán, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ṣàlàyé nísàlẹ̀.

Bí gbólóhùn náà bá wà, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Òmíràn sọ ní ṣàkó pé ayálégbé kò gbọdọ̀ fi ilé háyà fún ẹnikẹ́ni. Òmíràn sọ pé kò gbọdọ̀ ṣe é láìgba àṣẹ onílé ní kíkọ sílẹ̀. Ìkẹta fi kún un pé onílé kò gbọdọ̀ fi àṣẹ náà dù ú láìnídìí. Nínú irú ìkẹta yìí, ayálégbé tó béèrè tí ẹ sì kọ̀ fún un láìsí ìdí gúnmọ́ ní ohun tí yóò sọ ní kóòtù, ṣùgbọ́n èyí tí kò tilẹ̀ béèrè rárá kò lè sápamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kejì tí ẹ óò wá ni bóyá àdéhùn náà fún yín ní ẹ̀tọ́ láti gba ilé padà kí ọdún tó pé bí ayálégbé bá rú òfin ilé. Bí gbólóhùn yẹn kò bá sí, rírú àdéhùn náà lè mú kí ẹ gba owó ìtánràn ohun tí ẹ pàdánù, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ọdún ilé kúrú. Nínú àdéhùn ìyá onílé wa, ìlà keje sọ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ fi gbogbo ilé tàbí apá kan rẹ̀ háyà fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ ní kíkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn gbígba ilé padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú àwọn àdéhùn tí wọ́n ń tà ní fọ́ọ̀mù tí a tẹ̀ sílẹ̀ ṣe rí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tún ilé fi háyà lóòótọ́

Àbúrò ìyàwó tó wá gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀rẹ́ tó sùn fún oṣù kan, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ayálégbé gbà sí pálọ̀ rẹ̀ nígbà tí òun náà ṣì ń gbé níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ayálégbé abẹ́nú, ìyẹn ẹni tí ayálégbé tún fi ilé háyà fún. Ohun tí kóòtù ń wò ni bóyá ẹni náà ní kọ́kọ́rọ́ àti àṣẹ láti ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù, bóyá owó wà láàárín wọn, àti bóyá ayálégbé gan-an ti kó ẹrù rẹ̀ jáde. Mo mọ̀ pé nígbà Ojúde Ọba, nígbà tí ilé ìtura ní Ìjẹ̀bú Òde bá kún, àwọn kan máa ń fi fúláàtì wọn fún àlejò ní owó fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ bá ohun tí à ń sọ níhìn-ín mu. Bí inú onílé kò bá dùn sí i, àfi kí àdéhùn ti dárúkọ rẹ̀ kedere.

Ẹ̀rí tí ẹ óò kó jọ kò gbọdọ̀ di fífọ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ayálégbé ṣì ni ó ni ìgbádùn inú ilé títí di òpin ọdún tí ó san, nítorí náà ẹ fi ọjọ́ àti wákàtí ránṣẹ́ sí i ṣáájú kí ẹ tó lọ yẹ ilé wò, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn bá ti là á kalẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bóyá wọ́n lè jẹ́ kí ẹ ya fọ́tò risíìtì tàbí ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ayálégbé. Ìyá wa rí ojú ìwé kan tí ayálégbé já nínú ìwé àkọsílẹ̀, tó kọ "Mo gba ₦350,000 owó yàrá ọdún kan" sí, tó sì buwọ́ lù. Kò sí ẹ̀rí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, ọjọ́ àti ohun tí ó sọ sínú ìwé kan lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Ẹ má fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kankan, ẹ má sì fọwọ́ sí ohun tí wọ́n bá gbé wá.

Ẹ má gba owó

Ibí ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń fi ọwọ́ ara wọn ba ọ̀ràn wọn jẹ́. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ayálégbé rú àdéhùn, tí ẹ sì gba owó ilé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kí ó san lẹ́yìn ìgbà náà, tàbí tí ẹ tilẹ̀ béèrè fún un, òfin yóò kà á sí pé ẹ ti fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ náà, ẹ kò sì ní lè tìtorí rẹ̀ gba ilé padà ṣáájú àkókò mọ́. Kíkọ "mo gbà á láìfi ẹ̀tọ́ mi sílẹ̀" sára risíìtì kò tó láti gbà yín. Nítorí náà, bí ilé yín bá ní olùtọ́jú tó máa ń fi ìránnilétí owó ilé ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ yẹn kan náà kí ó dá ti fúláàtì yẹn dúró.

Bí ayálégbé bá fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè, ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ọ̀ràn ìyá wa, ayálégbé pè láti Èkó, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Mo máa fi ₦100,000 ránṣẹ́ lónìí, ẹ kà á mọ́ owó ọdún tó ń bọ̀." Bí ìyá bá gbà á, bí ìgbà tí ó ti gbà kí ó tún gbé ọdún mìíràn ni.

Èyí tó burú ju ti ayálégbé lọ ni kí ẹ gba owó lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Títí di ìsinsìnyí, kò sí àdéhùn kankan láàárín ẹ̀yin àti àwọn; ọ̀dọ̀ ayálégbé ni ẹ̀tọ́ wọn ti wá, bí tirẹ̀ bá sì dópin ní kóòtù, tiwọn náà dópin. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gba owó wọn, kódà ₦20,000, tí ẹ sì fún wọn ní risíìtì, wọ́n lè sọ pé ayálégbé yín gan-an ni àwọn, ẹ óò sì bẹ̀rẹ̀ nótíìsì tuntun sí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwé ìkìlọ̀

Ìwé ìkìlọ̀ kì í ṣe nótíìsì kúrò-nílé, ẹ má sì ṣe pa wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi hàn pé ẹ mọ̀, pé ẹ kò fọwọ́ sí i, àti láti fún ayálégbé ní ọjọ́ tí yóò fèsì. Ẹ kọ ọ́ láìsí èébú àti láìsí ìdẹ́rùbà, nítorí pé adájọ́ ni yóò kà á gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní Yorùbá, ó yẹ kí ẹ kọ ẹ̀dà rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni àkọsílẹ̀ Kóòtù Májísíréètì, wọn yóò sì béèrè ìtumọ̀ ohun tí a kọ ní èdè mìíràn. Bí ìyá wa ṣe kọ tirẹ̀ nìyí:

Àdírẹ́sì onílé,
Ìjẹ̀bú Òde.
19 oṣù Karùn-ún, 2025.

Sí: Ọ̀gbẹ́ni (orúkọ ayálégbé ní kíkún),
Fúláàtì kejì, (àdírẹ́sì ilé), Ìjẹ̀bú Òde.
Ẹ̀dà sí àdírẹ́sì yín ní Èkó.

Ọ̀gbẹ́ni,

ÌWÉ ÌKÌLỌ̀ LÓRÍ FÍFI FÚLÁÀTÌ KEJÌ HÁYÀ FÚN ẸLÒMÍRÀN LÁÌGBÀṢẸ

Mo kọ ìwé yìí sí yín gẹ́gẹ́ bí onílé tí ẹ gba fúláàtì tí a dárúkọ lókè lọ́wọ́ rẹ̀ nípa ìwé àdéhùn tí a jọ fọwọ́ sí, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kíní, láti ọdún dé ọdún, ní ₦480,000 lọ́dún.

Ìlà keje àdéhùn náà sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ fi gbogbo fúláàtì náà tàbí apá kan rẹ̀ háyà fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ mi ní kíkọ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, 2025, mo bá ènìyàn méjì tí wọn kì í ṣe ara ìdílé yín nínú fúláàtì náà. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin ni ẹ fi yàrá kọ̀ọ̀kan fún àwọn, àti pé àwọn san ₦350,000 ní ẹnì kọ̀ọ̀kan fún yín. Mo rí risíìtì tí ẹ buwọ́ lù. Ẹ kò béèrè àṣẹ lọ́wọ́ mi, n kò sì fún yín ní àṣẹ, yálà lẹ́nu tàbí ní kíkọ sílẹ̀.

Èyí lòdì sí ìlà keje àdéhùn wa. N kò fọwọ́ sí i, n kò sì gba ẹnikẹ́ni nínú àwọn ènìyàn náà gẹ́gẹ́ bí ayálégbé mi.

Mo ń fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí kí ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, 2025 tó parí: kí ẹ kọ̀wé sí mi láti ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn náà ṣe dé inú fúláàtì náà, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé èyíkéyìí tí ẹ fún wọn, kí ẹ fòpin sí ètò náà, kí ẹ sì dá ọjọ́ kan láàárín àkókò náà tí èmi tàbí aṣojú mi yóò wá yẹ fúláàtì náà wò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi owó kankan ránṣẹ́ sí mi lórí fúláàtì yìí láìjẹ́ pé mo kọ̀wé béèrè rẹ̀. Owó tí ó bá wọlé láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni n óò dá padà.

Ìwé yìí kò mú ẹ̀tọ́ kankan tí mo ní lábẹ́ àdéhùn tàbí òfin kúrò, títí kan ẹ̀tọ́ láti fún yín ní nótíìsì, láti gba ilé mi padà nípasẹ̀ kóòtù àti láti béèrè owó lórí ìbàjẹ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ilé náà.

Èmi ni tiyín,
(Ìbuwọ́lùwé àti orúkọ onílé)

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Kò sọ pé "bí ẹ bá lé wọn jáde, ọ̀rọ̀ ti tán", nítorí pé irú ìlérí bẹ́ẹ̀ yóò dè é lọ́wọ́ bí ó bá ṣì fẹ́ kí ayálégbé kúrò ní òpin ọdún. Kò pe ayálégbé ní olè. Kò sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àṣẹ láti kúrò, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá dá àdéhùn pọ̀ ni ó yẹ kí ó bá wọn sọ ọ́.

Bí àdéhùn tiyín bá ní gbólóhùn gbígba ilé padà, tí ẹ sì fẹ́ lò ó, ìwé ìkìlọ̀ yìí nìkan kò tó. Òfin ilẹ̀ àti ohun ìní tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ ṣe ní 1959, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn jogún, fẹ́ kí ẹ fún ayálégbé ní nótíìsì pàtó tó dárúkọ àìtọ́ tí ó ṣe kí ẹ tó lọ sí kóòtù, kóòtù sì lágbára láti ṣàánú ayálégbé kí ó dá ilé náà padà fún un. Lọ́yà ni kí ó kọ ìyẹn.

Bí ìwé yóò ṣe dé ọwọ́ rẹ̀

Ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́ta. Bí ayálégbé bá wà nítòsí, ẹ fún un lọ́wọ́, kí ó sì buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú ọjọ́. Bí ó bá kọ̀ láti buwọ́ lù, kí ẹni tí ẹ mú dání kọ sára ẹ̀dà yẹn pé òun rí i nígbà tí ẹ fún un. Ti ìyá wa kò sí nílé, nítorí náà ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ sí àdírẹ́sì Èkó, ó sì tọ́jú risíìtì ibẹ̀. Ó lẹ ẹ̀kejì mọ́ ilẹ̀kùn fúláàtì, ó ya fọ́tò rẹ̀ kí nọ́ńbà ilẹ̀kùn hàn, ó sì tún fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Fífi ránṣẹ́ lórí fóònù nìkan kò tó, ṣùgbọ́n àmì tó fi hàn pé ó ti kà á máa ń pa ẹnu àwíjàre mọ́.

Nótíìsì, ọjọ́ méje, kóòtù

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà kọjá. Ayálégbé fèsì pé "àbúrò" òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, kò fi ìwé kankan kún un. Ìyá pinnu pé òun kò fẹ́ kí ó gbé ọdún tó ń bọ̀. Láti ibi yìí lọ, kàlẹ́ńdà ni ọ̀gá.

Bí àdéhùn bá sọ iye àkókò nótíìsì, bóyá oṣù mẹ́ta, ìyẹn ni ẹ óò lò. Bí kò bá sọ ọ́, ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì ààbọ̀ ọdún, olóṣooṣù sí oṣù kan, ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan, nótíìsì ọlọ́dọọdún sì gbọ́dọ̀ parí pẹ̀lú òpin ọdún ilé, kì í ṣe láàárín rẹ̀. Àdéhùn ìyá wa kò sọ ọ́. Ọdún ilé náà ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, nítorí náà nótíìsì gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ ayálégbé, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Ó fún un ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, ó sì kọ sínú rẹ̀ pé kí ó kó jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 2025. Bí ó bá ti fi oṣù Kẹfà ṣe ìpàdé ẹbí àti ìpàdé ẹgbẹ́ onílé títí tí oṣù Keje fi wọlé, òpin ọdún 2026 ni nótíìsì rẹ̀ ìbá tó lè parí. Mi ò ní kí ẹ má ṣe ìpàdé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fún un ní nótíìsì náà.

Ìyàtọ̀ kan wà tó lè dín ìdúró yìí kù. Bí àdéhùn yín bá jẹ́ fún ọdún kan péré tó ní ọjọ́ ìparí, tí kò sì sọ pé yóò máa lọ láti ọdún dé ọdún, kò nílò nótíìsì ààbọ̀ ọdún; nígbà tí ọjọ́ ìparí bá kọjá, nótíìsì ọjọ́ méje nìkan ló kù. Ẹ ka ìlà àkọ́kọ́ àdéhùn yín dáadáa kí ẹ tó pinnu.

Nótíìsì ọjọ́ méje ni ìwé tí onílé fi ń sọ fún ayálégbé tí àkókò rẹ̀ ti tán pé òun ń lọ sí kóòtù láti gba ilé òun. Kò ṣeé fún un kí nótíìsì àkọ́kọ́ tó parí. Ìyá fún un ní tirẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kíní, 2026. Ọjọ́ tí ẹ fún un kò sí nínú kíkà, nítorí náà ọjọ́ méje náà pé ní ọjọ́ 9, ó sì gbé ẹjọ́ lọ sí Kóòtù Májísíréètì ní Ìjẹ̀bú Òde ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 12. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà ní Ṣàgámù yóò lọ sí ti Ṣàgámù. Bí lọ́yà tàbí olùtọ́jú ilé ni yóò bá fọwọ́ sí àwọn nótíìsì náà, ẹ kọ́kọ́ kọ ìwé àṣẹ fún un, kí ọjọ́ ìwé àṣẹ náà sì ṣáájú ọjọ́ nótíìsì. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ti ṣubú nítorí pé ìwé àṣẹ kò sí tàbí pé wọ́n kọ ọ́ lẹ́yìn.

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ní 2021, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín iléeṣẹ́ Pillars àti Desbordes, pé kì í ṣe ohun tó tọ́ kí ayálégbé máa fara pamọ́ sẹ́yìn àléébù kékeré inú nótíìsì kí ó má baà kó jáde. Ìyẹn dára fún onílé, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìdí láti kọ nótíìsì rádaràda, nítorí pé ayálégbé lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, àríyànjiyàn lórí ọjọ́ sì lè gba oṣù mélòó kan lọ́wọ́ yín.

Ní kóòtù, ìyá béèrè ilé rẹ̀ àti owó ìlò ilé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kíní títí di ọjọ́ tí ayálégbé bá kó jáde. Pín ₦480,000 sí oṣù méjìlá, ₦40,000 lóṣù ni. Owó yìí kì í ṣe owó ilé, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di ayálégbé tuntun, nítorí náà kò léwu láti béèrè rẹ̀ lọ́nà yìí, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á lẹ́yìn odi kóòtù. Kí ẹ fi ẹ̀dà ìwé ẹjọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, kí wọ́n má baà sọ lọ́jọ́ tí bélíìfù bá dé pé àwọn kò gbọ́. Owó tí wọ́n san fún ayálégbé, ọ̀dọ̀ ayálégbé ni wọn yóò ti béèrè rẹ̀.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe láàárín àkókò yìí

Ẹ má yọ ilẹ̀kùn, ẹ má ṣí páànù, ẹ má gé iná, ẹ má fi àgádágodo tuntun sí gééètì. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti bá irú ìwà bẹ́ẹ̀ wí láti 1986, nínú ẹjọ́ tí ìjọba Èkó ti fi agbára lé Ojúkwu kúrò nínú ilé tí ó ń gbé nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Bí ìjọba ológun kò bá lè ṣe é, onílé ní Ìjẹ̀bú kò lè ṣe é. Owó ìtánràn tí wọ́n bá bù lé yín lè ju owó ilé ọdún méjì lọ.

Bákan náà, ẹ má ṣe gbé ọlọ́pàá lọ lé wọn jáde. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí rírú àdéhùn lásán, ọ̀rọ̀ ilé yíyá sì ni èyí. Bí wọ́n bá fọ́ nǹkan tàbí halẹ̀ mọ́ yín, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró

Nígbà mìíràn, lẹ́yìn tí inú bá rọ̀, onílé máa ń rí i pé àwọn tó wà nínú ilé náà dára ju ẹni tó fi wọ́n síbẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ ní bí ó ṣe yẹ kó tẹ̀lé ara. Kí ayálégbé kọ́kọ́ kọ ìwé pé òun jọ̀wọ́ fúláàtì náà láti ọjọ́ báyìí, kí ó buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí, kí ó sì dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Kí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yanjú owó tí wọ́n san fún oṣù tó kù láàárín ara wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé náà. Lẹ́yìn ìyẹn nìkan ni kí ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé àdéhùn tiyín, pẹ̀lú orúkọ àwọn méjèèjì, kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ kan.

Nínú àdéhùn tuntun yẹn, ẹ kọ gbólóhùn tí ti àtijọ́ kò ní: "Ayálégbé kò gbọdọ̀ fi gbogbo ilé yìí tàbí apá kan rẹ̀ háyà, tàbí gba ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀ nítorí owó, fún àkókò kúkúrú tàbí gígùn, láìgba àṣẹ onílé ní kíkọ sílẹ̀, bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, onílé ní ẹ̀tọ́ láti fòpin sí àdéhùn yìí kí ó sì gba ilé náà padà lọ́nà tí òfin là sílẹ̀." Ẹ kọ iye oṣù nótíìsì sínú rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ má baà tún máa ka ọjọ́ ààbọ̀ ọdún.